Èlùbọ́ Ta Nìyí? Bí Ọjà Tuntun Ṣe Ń Ní Orúkọ àti Ojú Láìnáwó Rẹpẹtẹ

Bí ẹ bá yà sí ìsọ̀ àwọn elélùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé ọjà pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í mọ ti ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ẹni tó bọ iṣu rẹ̀ dáadáa, tó sá a gbẹ kanlẹ̀ kó tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, àti ẹni tó da gbàgùdá mọ́ tirẹ̀, inú ọ̀rá kan náà ni ọjà àwọn méjèèjì wà. Oníbàárà ra ti ẹni àkọ́kọ́ lónìí, ó dé ilé, ó ro ó, àmàlà náà dùn mọ́ gbogbo ilé. Nígbà tó máa fi padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kò rántí ọ̀dọ̀ ẹni tó ti rà á mọ́. Ó ra èyí tó bá kọ́kọ́ bá pàdé, ẹni tó ṣiṣẹ́ dáadáa sì pàdánù èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí irú èyí ni orúkọ, àmì àti àwọ̀ ṣe wà. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí ẹni tó ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè tún un rí, kó sì lè júwe rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀. Àwọn alájàpá ti mọ èyí tipẹ́. Kí wọ́n tó kó àpò ẹrù sọ́kọ̀, wọ́n á fi ọ̀dà kọ àmì sí i lára, bóyá lẹ́tà méjì, bóyá ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Àwọ̀ kan péré ni, kò sì ju ohun tí búrọ́ọ̀ṣì lè fà kíákíá lọ. Síbẹ̀, tí ọkọ̀ bá dé Èkó, olówó ẹrù á ti òkèèrè nàka sí tirẹ̀. Ẹni tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò lónìí kò nílò ohun tó ju ìyẹn lọ, bó bá mọ ibi tó yẹ kó ti ronú jù. Lójú tèmi, orúkọ ni ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ronú orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí àtúnṣe rẹ̀ wọ́n tó o lẹ́yìn tí ọjà bá ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Iṣu Òkè-Ògùn ló ń rà, ó ń ṣe é ní èlùbọ́, ó sì fẹ́ máa dì í ní kílò kan àti kílò méjì fún àwọn ilé ìtajà n'Ìbàdàn àti l'Ékòó. Ọjà rẹ̀ dára. Owó tó lè yà sọ́tọ̀ fún orúkọ, àmì àti ọ̀rá tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ kò ju 60,000 náírà lọ. Kí ni kó kọ́kọ́ ṣe?

Orúkọ tí ẹnu lè pè, tí fóònù sì lè kọ

Orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni orúkọ ọpẹ́: Ìbùkún Olúwa, Ògo Rẹ̀, Àánú Ń Lá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ kọ "Ibukun Oluwa" sí Gúgù kí ẹ wo iye aránṣọ, oníbúrẹ́dì, aláṣọ òkè àti oníwòsàn tí yóò jáde. Oníbàárà tó ń wá elélùbọ́ kan ṣoṣo kò ní í rí i láàárín wọn. Bí obìnrin wa bá fẹ́ orúkọ yìí gan-an, ó lè fi forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní àjọ CAC, kó wá fún ọjà tó ń tà ní orúkọ mìíràn. Òfin kò sọ pé orúkọ òwò àti orúkọ ara ọ̀rá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Orúkọ kejì tó rò ni Èlùbọ́ Òkè-Ògùn. Ó sọ ohun tó wà nínú ọ̀rá àti ibi tó ti wá. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó ń gbé èlùbọ́ wá láti Ṣakí, Ìsẹ́yìn tàbí Kíṣì ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin àmì òwò ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ṣe ní 1965, fi ọwọ́ líle mú irú orúkọ yìí nínú abala kẹsàn-án rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kàn ń ṣàpèjúwe ọjà tàbí tó ń yìn ín, orúkọ ìlú tàbí agbègbè, àti orúkọ ìdílé, gbogbo wọn ló ṣòro láti fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ẹnì kan láìjẹ́ pé ó fi hàn pé àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọjà òun. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí Èlùbọ́ Jọ̀lọ̀ tàbí Àmàlà Gidi. Bí ó bá polówó rẹ̀, gbogbo elélùbọ́ ló polówó fún.

Ẹ̀kẹta wá dùn létí: Orógùn, igi tí a fi ń ro àmàlà. Ó kúrú, ó jẹ mọ́ ìdí iṣẹ́, kò sì ṣàpèjúwe ọjà náà ní tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn ilé ìtẹ̀wé púpọ̀ náà kì í sì í fi sí i. Bí orúkọ náà bá dé orí ìwé gẹ́gẹ́ bí "Orogun", ìyàwó ilé tó gbé ọ̀rá náà lọ́wọ́ yóò kà á sí orogún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé gan-an ló ń ra èlùbọ́. Èyí ni ìdánwò tí orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ là kọjá ju orúkọ èdè mìíràn lọ. Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ kankan sí i, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ó kà á sókè. Bí ó bá kà á sí nǹkan mìíràn, ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀, bó ti wù kó dùn tó. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní Dúdú-Osùn, tí ilé-iṣẹ́ Tropical Naturals ń ṣe l'Ékòó, la ìdánwò yìí já. "Dudu-Osun" ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀ láìsí àmì ohùn, síbẹ̀ kò sí Yorùbá tó ń ṣi í pè, àwọn tí kì í ṣe Yorùbá pàápàá sì ń pè é tí a fi ń gbọ́.

Orúkọ kẹrin ni Ìgbakọ, akèrègbè tàbí igbá tí wọ́n gé ní ẹ̀là tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu àmàlà sínú abọ́. Sílébù mẹ́ta ni. Bí a bá kọ ọ́ ní "Igbako", kò di ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè dójú tì wá. Kò yin èlùbọ́ náà, kò sì ṣàpèjúwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ní búkà rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀: orúkọ náà ní ìrísí. Ìgbakọ ṣeé yà.

Kó tó so mọ́ ọn, kí ó pe ènìyàn márùn-ún lórí fóònù, kó sọ orúkọ náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe rò pé wọ́n ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òun. Lọ́jọ́ kejì, kó tún pè wọ́n, kó bi wọ́n léèrè orúkọ wo ni òun sọ lánàá. Bí mẹ́ta nínú wọn bá gbàgbé, orúkọ náà kò dúró. Kí ó wá fi han Haúsá kan àti Igbo kan, nítorí kò mọ ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà lè ní lẹ́nu àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n rà á lọ́la.

Lẹ́yìn èyí ni wíwá inú ìwé. Lórí ìkànnì CAC, ẹnikẹ́ni lè wò ó bóyá orúkọ kan ti wà nílẹ̀, nítorí àjọ náà kì í gba orúkọ tó bá jọ ti ẹlòmíràn jù. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "National", "Federal" àti "Government" sì wà tí wọn kì í gbà láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i lọ́tọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti máa ń ṣì í mú nìyí: fífi orúkọ sílẹ̀ ní CAC kò sọ orúkọ náà di ti ẹni lórí ọjà. Èyí tó ń ṣe ìyẹn ni àmì òwò, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i l'Ábùjá sì yàtọ̀ sí CAC. Wọ́n pín gbogbo ọjà ayé sí ìpele 45, ìpele 30 sì ni èlùbọ́ àti ìyẹ̀fun lóríṣiríṣi bọ́ sí. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ní ọdún méje lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó lè máa sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Obìnrin wa lè má lówó rẹ̀ báyìí, kò sì burú bó bá dúró díẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró dè ni wíwò ó bóyá elòmíràn ti gba orúkọ náà ní ìpele ọgbọ̀n, nítorí ẹni tó gbà á lè ní kó kó gbogbo ọ̀rá tó ti tẹ̀ kúrò lórí igbá lọ́dún kẹta.

Kí ó wá orúkọ náà lórí Ínsítágíráàmù àti Fesibúùkù pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá ti gba "igbako", kí ó fi ìrù kan náà sí i níbi gbogbo, bíi "igbakofoods". Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún.

Àmì tí ọwọ́ lè fà

Ní 1971, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Portland, ní Amẹ́ríkà, ya àmì kan fún ọkùnrin kan tó ti ṣe olùkọ́ ìṣirò owó rí, tó ń ta bàtà eré ìdárayá. Carolyn Davidson ni orúkọ rẹ̀. Dọ́là márùndínlógójì ni Phil Knight san fún un. Àmì náà ni ìlà tó tẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan ń fò kọjá, tó wà lára bàtà Nike títí di òní. Ní 1983, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti di ńlá, wọ́n pè é, wọ́n fún un ní òrùka àti ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Ohun tó yẹ ká wò nínú ìtàn yìí ni pé àmì náà kò tíì ní ìtumọ̀ lójú oníbàárà lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Kò sí bàtà nínú rẹ̀, kò sí ẹsẹ̀, kò sí lẹ́tà. Fífi í sí ojú kan náà, ní ìrísí kan náà, lára gbogbo bàtà, lọ́dọọdún, ni ó fún un ní ìtumọ̀, títí tí wọ́n fi lè yọ orúkọ kúrò lábẹ́ rẹ̀ tí gbogbo ayé ṣì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe náwó lórí àmì tó fẹ́ sọ gbogbo ìtàn òwò yín. Mo ti rí àmì elélùbọ́ tó ní iṣu, odó, oòrùn, obìnrin tó ń gún un, àti àgbáyé lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi sí ojú Wasáàpù, tó wá kéré bí èékánná, kò sí ohun tí a lè rí níbẹ̀ ju àbàwọ́n lọ.

Fún Ìgbakọ, mo lè júwe bí wọ́n ṣe lè yà á nílé. Ẹ da ife dé orí bébà, kí ẹ fi bírò fa ìlà yí i ká. Ẹ fa ìlà kan kọjá láàárín rẹ̀, kí ẹ pa ìlàjì òkè rẹ́, kí ẹ sì kun ìlàjì ìsàlẹ̀ ní dúdú. Ẹ fi ìlà kékeré mẹ́ta tó tẹ̀ sókè rẹ̀, bí ooru àmàlà tó ń gòkè. Ó tán. Orúkọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè tún un fà lórí Inkscape, ẹ̀rọ ìyàwòrán tí wọn kì í gba owó fún, èyí tó ń tọ́jú àwòrán ní fáìlì SVG. Fáìlì yìí ṣe pàtàkì. Àwòrán JPG tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù lè dára lójú fóònù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe pátákó, etí rẹ̀ yóò máa gé wẹ́wẹ́. SVG àti PDF tó ti ara irú rẹ̀ jáde kì í rẹ̀ dànù, bó ti wù kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tó.

Dúdú ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà á, kí àwọ̀ tó dé. Ìdí rẹ̀ jẹ́ ti owó. Bí wọ́n bá ń fi sìkírìn tẹ àwòrán sára àpò tàbí tíṣáàtì, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sìkírìn tirẹ̀, ẹ ó sì san owó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ rọ́bà kò mọ̀ ju àwọ̀ kan lọ. Àmì tó dúró dáadáa ní dúdú lórí funfun ni yóò dúró níbi gbogbo tí owó kékeré bá gbé e dé.

Ẹ dán an wò ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí ẹ wò ó bóyá ìlà ooru mẹ́ta náà ṣì yàtọ̀ síra. Ẹ fi sí àyè àwòrán lórí Wasáàpù, níbi tí wọ́n ti máa ń gé igun gbogbo àwòrán kúrò di róbótó, kí ẹ wò ó bóyá kò gé ẹnu ìgbakọ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ rìn lọ sí òdìkejì títì. Àwọn akọ́pátákó ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń lò: lẹ́tà tó ga ní íǹṣì kan ni a máa ń kà wẹ́rẹ́ láti ibi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Bí títì iwájú ṣọ́ọ̀bù yín bá fẹ̀ ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà, lẹ́tà orúkọ yín lórí pátákó kò gbọ́dọ̀ kéré ju íǹṣì mẹ́rin lọ, bó bá sì ku àyè, kí ẹ yọ àdúrà àti nọ́ńbà fóònù kẹta kúrò.

Bó bá jẹ́ ayàwòrán ni ẹ gbé iṣẹ́ náà fún, ẹ jọ kọ ìwé pélébé kan. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, ẹni tó ya nǹkan ló ni ín, owó tí ẹ san nìkan kò sọ ọ́ di tiyín, àfi bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ti gbé e fún yín. Ìlà márùn-ún tó: orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, àwòrán àmì náà, iye tí ẹ san, pé ó ti gbé gbogbo ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ fún yín, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé. Ẹ gba fáìlì SVG lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Ẹni tó bá sì lo Canva fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwòrán tó bá níbẹ̀ lárọ̀ọ́wọ́tó ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn ń lò, wọn kò sì gbà kó fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe àmì òwò. Kó lò ó fún fúláyà. Àmì gan-an, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Àwọ̀ kan, irú lẹ́tà kan

Kí obìnrin wa tó yan àwọ̀, kí ó rìn yí ìsọ̀ ká, kó wo àwọ̀ tí àwọn tó kù ń lò, kó sì wo àwọ̀ ọjà tirẹ̀. Èlùbọ́ fúnra rẹ̀ dúdú ó sì rí bí erùpẹ̀. Bí ó bá wà nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara tí sítíkà rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, sítíkà náà yóò rì sínú ọjà. Mo máa mú àwọ̀ aró, búlúù tó jinlẹ̀ bíi ti àdìrẹ Abẹ́òkúta, pẹ̀lú funfun. Èlùbọ́ a ta yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aró a ta yọ lórí èlùbọ́.

Ìṣòro tí aró ní kò hàn títí ẹ ó fi dé ilé ìtẹ̀wé. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, tàdáwà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ṣe tirẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì lè dọ́gba. Búlúù tó jinlẹ̀ máa ń yí sí àwọ̀ àlùkò bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tó fà á ni tàdáwà M, èyí tó pupa rúsúrúsú, bó bá fẹ́ pọ̀ tó tàdáwà C, èyí tó jẹ́ búlúù. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wà láàárín wọn, ó kéré tán. Fún Ìgbakọ, mo máa kọ èyí fún atẹ̀wé:

```
C 100  M 60  Y 0  K 55
#002E73
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ti tàdáwà, ìkejì ni ti ojú fóònù. Kí ó ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ṣoṣo fún òun ná, kó gbé e síta nínú oòrùn, kó wò ó. Bí ó bá ṣì pupa jù, kí wọ́n dín M kù sí 50. Nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹyọ yẹn ni kó tọ́jú, kó máa gbé e dání lọ sọ́dọ̀ gbogbo atẹ̀wé lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ méjì kì í tẹ àwọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n atẹ̀wé tó rí àpẹẹrẹ lójú lè sún un mọ́ ọn.

Irú lẹ́tà náà ní ìdánwò tiwa. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tó rẹwà ni kò mọ Yorùbá. Kọ̀ǹpútà ní àyè kan ṣoṣo fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní àyè fún ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Ṣe ló ń to àmì ohùn náà lé e lórí, irú lẹ́tà tí wọn kò sì ṣe fún un á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ tẹ "Ọ̀ṣọ́ Ẹ̀gbẹ́" sí i kí ẹ wò ó. Noto Sans, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts, ń kọ ọ́ dáadáa, wọ́n sì gbà kí oníṣòwò lò ó láìsanwó. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ máa lo èyí tó nípọn fún orúkọ àti èyí tó fẹ́lẹ́ fún àlàyé.

Ohun tí 60,000 náírà lè gbé

Títẹ orúkọ sára ọ̀rá fúnra rẹ̀ kò yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Fún irú ìtẹ̀ yẹn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní rólà tí wọ́n máa gbẹ́ fún un, wọn kì í sì í tẹ̀ ẹ́ ní díẹ̀. Kí obìnrin wa ra ọ̀rá tó nípọn tó lè dá dúró, tí kò ní nǹkan kan lára, kó sì lẹ sítíkà mọ́ ọn.

Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú l'Ékòó àti irú wọn n'Ìbàdàn ń tẹ sítíkà lórí ìwé A3, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 29.7 tó sì gùn ní 42. Níbi yìí ni owó ti ń jò láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí sítíkà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ní ìbú àti gígùn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò gba orí ìwé kan. Bí ó bá jẹ́ 6.5, mẹ́rìnlélógún ni. Ká ní ìwé kan jẹ́ 1,200 náírà, èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 80 náírà ẹyọ kan, èkejì jẹ́ 50. Ojú lásán kò mọ ìyàtọ̀ náà lórí igbá. Ìwọ̀n ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ bi atẹ̀wé, kí ẹ tó pinnu ìwọ̀n sítíkà.

Sítíkà méjì ni kí ó lò. Ti iwájú ní àmì, orúkọ, àti ọ̀rọ̀ náà "èlùbọ́ iṣu", kò sì ní í yí padà láé, ìbáà jẹ́ kílò kan tàbí méjì. Ti ẹ̀yìn jẹ́ dúdú lórí funfun: ìwọ̀n, ohun tó wà nínú rẹ̀, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, àti àyè fún òǹtẹ̀ ọjọ́ àti nọ́ńbà ìpín. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó lè yí padà kò ní í fi ipá mú un láti tún èyí tó ní àwọ̀ tẹ̀. Ẹ̀yìn yìí náà ni nọ́ńbà NAFDAC yóò wà, nítorí oúnjẹ tí a dì tí a fẹ́ gbé sí ilé ìtajà gbọ́dọ̀ gba ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì máa yẹ ọ̀rọ̀ ara sítíkà wò. Orúkọ ọjà náà ló máa wà nínú ìwé wọn, ìdí mìíràn nìyí tí orúkọ fi gbọ́dọ̀ ti dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ó má sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èlùbọ́ òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Wọn kò ní í gbà á, kò sì tọ́.

Ìwé pélébé kan ló kù. Kí ó tẹ àmì náà sí i, àwọn nọ́ńbà àwọ̀ méjèèjì, orúkọ irú lẹ́tà, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọjà náà gan-an, àti gbólóhùn kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ na àmì náà, yí àwọ̀ rẹ̀ padà, tàbí kọ nǹkan mọ́ ọn lára. Kí ó fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, akọ́pátákó, àti ọmọ tó ń bá a ṣe fúláyà. Àwòrán èlùbọ́ tó bá ń gbé sórí Wasáàpù, kí ó máa yà wọ́n lórí aṣọ àdìrẹ kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, láàárọ̀.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù kì í hàn lọ́jọ́ kan. Atẹ̀wé kejì lo búlúù mìíràn nítorí tàdáwà tán. Ọmọ tó ń ṣe fúláyà rí irú lẹ́tà kan tó wù ú. Nígbà ọdún Kérésì, ẹnì kan fi ìràwọ̀ sórí ìgbakọ náà. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ó kó gbogbo ohun tó ní orúkọ náà lára sórí tábìlì kan: sítíkà, rìsíìtì, fúláyà, ojú Wasáàpù, fọ́tò pátákó. Kí ó fi ọwọ́ bo orúkọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó bi ẹni tó bá wọlé pé, ṣé ti ilé kan náà ni gbogbo èyí? Èyí tí ẹni náà bá yọ sọ́tọ̀ ni kó tún ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ìwé A3 kan péré ní àkọ́kọ́. Ẹ lẹ sítíkà mẹ́rìnlélógún náà mọ́ ọ̀rá mẹ́rìnlélógún, ẹ gbé e sí ilé ìtajà kan, kí ẹ sì gbọ́ orúkọ tí àwọn oníbàárà yóò fi béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà wá. Bí wọ́n bá pè é bí ẹ ṣe sọ ọ́, ẹ tẹ ìyókù. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ má ṣe yí àmì, àwọ̀ tàbí orúkọ padà nítorí pé ó ti sú yín. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wò ó lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà yín kò tíì rí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.